Òòfà kì í fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́ra, ńṣe ló ń yí i lọ́nà

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Kàbà, tẹlifíṣọ̀n dúdú-àti-funfun kan wà ní pálọ̀ ilé wa, irú èyí tó gbé ikùn sẹ́yìn bí aboyún. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi tú sípíkà rédíò kan tó ti kú, ó yọ òòfà róbótó tó wà nídìí rẹ̀, ó ní kí n wá wo idán. Ó gbé òòfà náà sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tẹlifíṣọ̀n. Ohun tí mo mọ̀ nípa òòfà nígbà náà ni pé ó máa ń fa nǹkan mọ́ra. Ó ń fa ìṣó, ó ń fa abẹ́rẹ́ màmá wa. Nítorí náà mo ń retí pé àwòrán yóò ya sí ọ̀tún, níbi tí òòfà wà.

Àwòrán ò ya sí ọ̀tún. Ńṣe ló sún sókè, tí agbárí ẹni tó ń ka ìròyìn fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde lójú gíláàsì. Ẹ̀gbọ́n mi yí òòfà náà padà, kí ojú rẹ̀ kejì kọjú sí tẹlifíṣọ̀n, àwòrán bá sún wá sísàlẹ̀. A ò tíì ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta tí bàbá wa fi wọlé. Etí ẹ̀gbọ́n mi ló jẹ ìyà rẹ̀. (Ẹni tó bá ṣì ní tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ àtijọ́ nílé, kó má dán an wò o. Ti aláwọ̀ ní irin pẹlẹbẹ oníhò wẹẹrẹ lẹ́yìn gíláàsì, tí òòfà bá sì ti kọ lù ú, àbààwọ́n àwọ̀ lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé òòfà kúrò.)

Lónìí, mo ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC àti JAMB ní físíìsì, ìbéèrè kan náà ni mò ń bá pàdé lọ́dọọdún ní aṣọ mìíràn. Ọmọbìnrin kan láti Ìyàrà ló gbé e wá kẹ́yìn. Ó kí mi, “Okun o, ẹ̀gbọ́n,” kò tilẹ̀ dúró kí n dáhùn tó fi na ọwọ́ méjèèjì síwájú mi. “Ọwọ́ wo gan-an ni kí n lò? Ìwé wa ní ọwọ́ òsì. Fídíò tí mo wò ní ọwọ́ ọ̀tún. Mo lo méjèèjì, ìdáhùn wọn ò bára mu.”

Kí n tó dá a lóhùn nípa ọwọ́, mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ọwọ́ ń júwe.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú ikùn tẹlifíṣọ̀n yẹn. Lẹ́yìn pátápátá ni wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ń gbóná, tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń jáde lára rẹ̀. Iná olófóòtì gíga ń ta wọ́n síwájú, wọ́n á wá kan ẹ̀yìn gíláàsì, ibi tí wọ́n bá sì kàn ni ó ń tàn tí à ń rí. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jẹ́ ohun bíńtín tó ru ṣáàjì nẹ́gétíìfù. Pírótọ́ọ̀nù, tí ó wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po 1836, ru ìwọ̀n ṣáàjì kan náà, àmọ́ tirẹ̀ jẹ́ pọ́sítíìfù. Agbègbè tí agbára òòfà dé ni à ń pè ní pápá òòfà, B ni a sì fi ń dúró fún un. Pápá yìí ní ibi tó kọjú sí: ó ń jáde láti òpó àríwá òòfà, ó ń wọlé sí òpó gúúsù.

Ìwà pápá òòfà sí ṣáàjì ṣàjèjì. Bí ṣáàjì bá dúró jẹ́ẹ́, pápá òòfà ò fọwọ́ kàn án. Bí ó bá ń rìn, àmọ́ tó jẹ́ pé ibi tí pápá kọjú sí gan-an ni òun náà ń lọ, tàbí òdìkejì rẹ̀ gẹ́lẹ́, kò tún ní fọwọ́ kàn án. Ìgbà tí ó bá ń dábùú pápá kọjá ni agbára máa ń dé bá a, bí ó bá sì dábùú rẹ̀ ní igun 90° ni agbára náà pọ̀ jù. Ní igun 90° yẹn, agbára náà ni:

F = qvB

q ni ìwọ̀n ṣáàjì, v ni eré tí ó ń sá, B ni bí pápá ṣe le tó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú ni ibi tí agbára náà kọjú sí. Kò kọjú sí òòfà, kò sì kọ ẹ̀yìn sí òòfà. Kò tì nǹkan síwájú, kò fà á sẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ ló máa ń gbà: ó dábùú ọ̀nà tí ṣáàjì ń tọ̀, ó tún dábùú pápá. Ẹ ronú nípa igun ilé, níbi tí ògiri méjì ti pàdé ilẹ̀. Ìlà mẹ́ta ló pàdé níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dábùú méjì yòókù. Bí eré bá wà lórí ìlà kan, tí pápá wà lórí èkejì, agbára á wà lórí ẹ̀kẹta, kò ní ibòmíràn tí ó lè wà. Ohun kan ṣoṣo tó kù láti mọ̀ ni bóyá apá ibí ni ó kọjú sí lórí ìlà ẹ̀kẹta yẹn, tàbí apá ọ̀hún. Ìyẹn nìkan ni iṣẹ́ ọwọ́.

Ẹ na ọwọ́ ọ̀tún yín gbọrọ, ẹ ya àtàǹpàkò sọ́tọ̀ kó dábùú ìka mẹ́rin tó kù. Ẹ jẹ́ kí ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjú sí ibi tí pápá kọjú sí. Ẹ jẹ́ kí àtàǹpàkò kọjú sí ibi tí ṣáàjì ń lọ. Ibi tí àtẹ́lẹwọ́ yín bá kọjú sí, bí ìgbà tí ẹ fẹ́ ti ilẹ̀kùn, ni agbára kọjú sí, bí ṣáàjì bá jẹ́ pọ́sítíìfù. Bí ó bá jẹ́ nẹ́gétíìfù bíi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ẹ̀yìn ọwọ́ ni agbára gbà.

Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé pápá ní ìlà púpọ̀, ìdí nìyẹn tó fi gba ìka púpọ̀. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ń rìn lọ́nà kan, ìdí nìyẹn tó fi gba àtàǹpàkò kan. Ẹni tí kò bá gbàgbé ìyẹn kò ní pààrọ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì wá ńkọ́? Èyí tó wà nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ wa ni ọwọ́ òsì ti Fleming, níbi tí ìka ìfábẹ̀lá ti jẹ́ pápá, ìka àárín jẹ́ iná tó ń ṣàn, àtàǹpàkò sì jẹ́ agbára. Òótọ́ ni òfin náà, ìdáhùn tó ń fúnni sì bá ti àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún mu pátápátá. Kìkì pé iṣẹ́ tí wọ́n pín fún ìka yàtọ̀ ni. Wàhálà dé nígbà tí ọmọ bá gbọ́ “ọwọ́ ọ̀tún” nínú fídíò, tó wá gbé ìpín iṣẹ́ ìka ti Fleming lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ìyẹn yóò fún un ní òdìkejì. Fleming náà ní ti ọwọ́ ọ̀tún lóòótọ́, àmọ́ ti jẹnẹrétọ̀ nìyẹn, iṣẹ́ mìíràn ló wà fún. Gbígbé tí ọmọ Ìyàrà gbé ìpín iṣẹ́ ìka ti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún ló dá wàhálà rẹ̀ sílẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí èèyàn mú ọ̀kan kó sì rọ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá mú ti Fleming, ẹ rántí pé “iná tó ń ṣàn” túmọ̀ sí ibi tí ṣáàjì pọ́sítíìfù ń lọ. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń lọ sí ọ̀tún, iná rẹ̀ ń ṣàn sí òsì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè kan ṣe é. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ń sáré lọ sí ọ̀tún lórí ìwé ní 8.0 × 10⁶ mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó wọ inú pápá òòfà tí ó le tó 1.0 × 10⁻³ tẹ́sílà, tí ó kọjú wọ inú ìwé. Irú pápá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi àmì × yà káàkiri, bí ìgbà tí èèyàn ń wo ìdí ọfà tó ń lọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń bọ̀ wá bá wa ni, àmì tó-tò-tó ni wọ́n á fi yà á, bí ẹnu ọfà. Ibo ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yóò yà sí, báwo sì ni òbírí rẹ̀ yóò ṣe tóbi tó?

Ẹ gbé ìwé náà dúró níwájú yín bí dígí. Ìka mẹ́rin wọ inú ìwé, ìyẹn ni pé wọ́n kọjú síwájú. Àtàǹpàkò kọjú sí ọ̀tún. Àtẹ́lẹwọ́ á ṣí sókè, bí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀bùn. Nítorí náà pírótọ́ọ̀nù ì bá tẹ̀ sókè. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni tiwa, agbára rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń dúró, tí wọ́n á fa ìlà kan sísàlẹ̀, wọ́n á ní ó ti tán. Kò tíì tán. Ọwọ́ sọ ibi tí agbára kọjú sí ní àsìkò yẹn gan-an nìkan. Bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bá ti tẹ̀ díẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ ti yàtọ̀, ọwọ́ sì gbọ́dọ̀ yí tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ ká mú un nígbà tó ti yà débi pé sísàlẹ̀ tààrà ni ó ń lọ. Àtàǹpàkò kọjú sísàlẹ̀ báyìí, ìka mẹ́rin ṣì wọ inú ìwé, àtẹ́lẹwọ́ bọ́ sí ọ̀tún. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni tiwa, nítorí náà agbára kọjú sí òsì. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á tún tẹ̀ sí òsì. Nígbà tó bá wá ń lọ sí òsì tààrà, ẹ tún ọwọ́ yí, ẹ ó rí i pé agbára kọjú sókè. Ọ̀tún, ìsàlẹ̀, òsì, òkè: bí ọwọ́ aago ṣe ń yí ni. Níbikíbi tí ó bá wà, agbára ń tọ́ka sí ojúkan náà, ìyẹn àárín òbírí. Pírótọ́ọ̀nù nínú pápá kan náà á yí ní ìdàkejì ọwọ́ aago.

Agbára tó ń gba ẹ̀gbẹ́ báyìí kò lè fi kún eré, kò sì lè dín in kù. Ọ̀nà nìkan ló ń yí padà. Eré kò yí padà, B kò yí padà, nítorí náà F kò yí padà, ìtẹ̀sí náà sì rí bákan náà níbi gbogbo. Ọ̀nà tí ìtẹ̀sí rẹ̀ rí bákan náà níbi gbogbo, òbírí ni.

Ní agbègbè wa, ẹni tó bá ní ewúrẹ́ lásìkò oko máa ń so ó mọ́ èèkàn kó má bàa lọ jẹ ohun ọ̀gbìn onílé kejì. Ewúrẹ́ á yí èèkàn po títí, koríko tí ó jẹ á sì ya òbírí sílẹ̀. Okùn (mi ò sọ pé Okun, ẹ̀yin ará wa) ń fà á sí àárín, kò jẹ́ kó lọ tààrà, kò sì fi kún eré rẹ̀. Àwọn olùkọ́ fẹ́ràn àpẹẹrẹ yìí, èmi náà ń lò ó, àmọ́ ó ní ibi tó ti ń tanni. Okùn ewúrẹ́ kì í gùn sí i nítorí pé ewúrẹ́ sáré. Ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń gùn. Ní ti ìyẹn, ọlọ́kadà ló sún mọ́ ọn jù: ẹni tó ń rọra bọ̀ lè yí po lójú kan, àmọ́ ẹni tó ń sáré bọ̀ láti Ayétòrò Gbẹ̀dẹ, bó bá fẹ́ yí padà láìdẹ eré, ó gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà tó fẹ̀ gan-an.

Bí ó ṣe fẹ̀ tó ni a fẹ́ ṣírò. Kí ohun tó wúwo m, tí ń sáré v, tó lè yí po ní òbírí tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ r (ìyẹn láti àárín òbírí dé etí rẹ̀), agbára tí ó nílò sí àárín jẹ́ mv²/r. Pápá òòfà ń pèsè qvB. Ohun tí a nílò àti ohun tí a rí gbọ́dọ̀ dọ́gba:

qvB = mv²/r

A yọ v kan kúrò lápá méjèèjì, a tò ó padà, ó di:

r = mv/(qB)

Ẹ wò ó dáadáa kí a tó fi nọ́ńbà sí i. m àti v wà lókè: ohun tó wúwo àti ohun tó ń sáré ṣòro láti tẹ̀, òbírí wọn á tóbi. q àti B wà nísàlẹ̀: bí pápá bá le sí i, òbírí á súnkì.

Ìwúwo ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jẹ́ 9.11 × 10⁻³¹ kílógíráàmù, ṣáàjì rẹ̀ jẹ́ 1.6 × 10⁻¹⁹ kúlọ́ọ̀mù. Lókè, m pẹ̀lú v: 9.11 × 10⁻³¹ lọ́nà 8.0 × 10⁶ jẹ́ 7.29 × 10⁻²⁴. Nísàlẹ̀, q pẹ̀lú B: 1.6 × 10⁻¹⁹ lọ́nà 1.0 × 10⁻³ jẹ́ 1.6 × 10⁻²². A pín ti òkè pẹ̀lú ti ìsàlẹ̀, ó jẹ́ 0.0456 mítà. Ìyẹn ni sẹ̀ǹtímítà 4.6. Òbírí náà á fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 9 láti etí dé etí, bí ẹnu ife ńlá.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú nọ́ńbà wọ̀nyí, nítorí wọ́n sún mọ́ ohun tí wọ́n ń fi hàn ní yàrá ìwádìí gan-an. Bọ́ọ̀lù gíláàsì kan ni wọ́n ń lò, tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde tó ku gáàsì fẹ́ẹ́rẹ́, tí wáyà tí wọ́n ká sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì láti pèsè pápá. Bíi fóòtì 180 ti tó láti fún ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ní eré tí a lò yìí. Gáàsì náà ń tàn níbi tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bá gbà, èèyàn á sì fojú rí òrùka ìmọ́lẹ̀ tó léfòó nínú òkùnkùn. Bí wọ́n bá fi kún iná tó ń lọ nínú wáyà, òrùka á kéré sí i lójú yín. Bí wọ́n bá fi kún fóòtì, á tóbi sí i. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra níbí: bí fóòtì bá di ìlọ́po méjì, òbírí kì í di ìlọ́po méjì, nítorí okun inú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni fóòtì ń sọ di méjì, ìyẹn ½mv², eré náà kò sì lọ sókè ju ìlọ́po 1.41 lọ. Mo ti rí ọmọ tó mọ gbogbo nǹkan tó pàdánù máàkì síbí yìí.

Àṣìṣe mìíràn tí mo máa ń rí ni ti ẹni tó fi àmì àyọkúrò ṣáàjì ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sínú ìṣirò, tí rédíọ́ọ̀sì wá jáde ní −0.0456. Kò sí òbírí tó dín ní òfo. Ìwọ̀n ṣáàjì nìkan ló ń wọ inú ìṣirò. Àmì rẹ̀, ọwọ́ ni ó ń lọ. Ẹlòmíràn á rí 1.0 mT, ìyẹn 1.0 × 10⁻³ tẹ́sílà, nínú ìbéèrè, á sì kọ ọ́ bíi 1.0 T. Òun yóò rí rédíọ́ọ̀sì tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà. Bí ìbéèrè bá sọ pé ẹ fojú rí òbírí yẹn nínú bọ́ọ̀lù gíláàsì, tí ìdáhùn yín sì kéré sí èyí tí ojú lè rí, ẹ padà lọ wo ẹyọ ìwọ̀n.

Àwọn kan á béèrè pé ṣé ìwúwo ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ò ní fà á wálẹ̀. Agbára òòfà tó wà lára rẹ̀ níbí jẹ́ 1.3 × 10⁻¹⁵ níútọ́ọ̀nù. Ìfàsílẹ̀ ayé lórí rẹ̀ jẹ́ bíi 9 × 10⁻³⁰. Èkíní ju èkejì lọ ní ìlọ́po tó lé ní ọgọ́rùn-ún tírílíọ̀nù. Ẹ gbàgbé ìfàsílẹ̀.

Ohun kan wà tí àwòrán inú ìwé kì í sábà sọ. Nínú bọ́ọ̀lù gíláàsì, inú pápá gan-an ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn, ìdí nìyẹn tí òbírí rẹ̀ fi lè pé. Bí ó bá jẹ́ pé láti ìta ló ti wọlé, tí pápá bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìlà kan tó dúró ṣánṣán, kò lè yí òbírí pé láéláé. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tiwa yẹn á wọlé sí ọ̀tún, á tẹ̀ sísàlẹ̀, á yí ààbọ̀ òbírí, á wá bá ìlà tó gbà wọlé pàdé lẹ́ẹ̀kan sí i, ní sẹ̀ǹtímítà 9.1 sísàlẹ̀ ibi tó ti wọlé. Bó bá ti kọjá ìlà yẹn, pápá tán, agbára tán, á máa lọ sí òsì tààrà. Ìlọ́po méjì r ni ibi tí ó ti jáde fi jìnnà sí ibi tí ó ti wọlé, kì í ṣe r. Bí a bá mọ eré, B àti ṣáàjì, tí a wọn àlàfo yẹn, a lè mọ ìwúwo ohun tó kọjá. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi ń ya átọ́ọ̀mù oníṣáàjì ti ohun kan náà, tí ìwúwo wọn yàtọ̀ díẹ̀, sọ́tọ̀: èyí tó wúwo jù lọ á balẹ̀ jìnnà jù.

Bí ó bá sì wá jẹ́ pé kò dábùú pápá ní igun 90°, ẹ pín eré rẹ̀ sí méjì. Èyí tó dábùú pápá ni ẹ ó fi sínú r = mv/(qB). Èyí tó bá pápá rìn ń lọ tààrà, kò sẹ́ni tó dí i lọ́wọ́. Yíyí po àti lílọ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà á wá rí bíi sípírìn tí wọ́n fà gùn.

Èyí tó ya èmi gan-an lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ni ti àkókò. Báwo ni yóò ti pẹ́ tó kí ó tó yí òbírí kan pé? Òbírí gùn tó 2πr, a sì pín in pẹ̀lú v. Ṣùgbọ́n v wà nínú r tẹ́lẹ̀, nítorí náà ó pa ara rẹ̀ rẹ́:

T = 2πm/(qB)

Kò sí v níbẹ̀ mọ́. Èyí tó ń sáré gan-an gba òbírí ńlá, èyí tó ń rọra lọ gba òbírí kékeré, àwọn méjèèjì sì padà dé ojú ibi tí wọ́n ti kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wa jẹ́ 3.6 × 10⁻⁸ ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn bíi ìyípo mílíọ̀nù méjìdínlọ́gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Orí èyí ni Ernest Lawrence, ní Berkeley ní Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kà. Ó lo pápá òòfà láti máa yí àwọn ohun bíńtín oníṣáàjì po, ó sì ń fi iná tó ń yí àmì padà ta wọ́n síwájú ní gbogbo ààbọ̀ ìyípo. Bí àkókò ìyípo bá ń yàtọ̀ bí eré ṣe ń pọ̀ sí i, ì bá ní láti máa yí iná yẹn ṣe nígbà gbogbo. Nítorí pé kò yàtọ̀, iná kan náà tó. Èyí tí òun àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Stanley Livingston, lò ní ìbẹ̀rẹ̀ 1931 kò fẹ̀ ju bíi sẹ̀ǹtímítà 11 lọ, a lè gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́, síbẹ̀ ó fún háídírójìn oníṣáàjì ní okun tó fóòtì 80,000 lè fúnni. Lawrence gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀rọ náà ní 1939. Òfin yẹn ní ààlà o: bí eré bá ti ń sún mọ́ ti ìmọ́lẹ̀, T á bẹ̀rẹ̀ sí gùn, ohun tó ń yí po á sì máa pẹ́ dé. Tiwa kò tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún eré ìmọ́lẹ̀, nítorí náà kò kàn wá.

Ọmọ Ìyàrà ní òun fẹ́ èyí tí òun lè rí nílé, láìsí bọ́ọ̀lù gíláàsì. Mo ní kó jáde sí àgbàlá, kó kọjú sí àríwá. Ayé fúnra rẹ̀ jẹ́ òòfà. Níbi tiwa yìí, tí a kò jìnnà sí agbedeméjì òòfà ayé, pápá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú lórí ilẹ̀, ó kọjú sí àríwá, ó sì le tó bíi 3.3 × 10⁻⁵ tẹ́sílà. Mo ní kó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, kó ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè. Ìka mẹ́rin kọjú sí àríwá, àtàǹpàkò bọ́ sí ìlà-oòrùn. “Pírótọ́ọ̀nù tó bá ń lọ sí ìlà-oòrùn ní Kàbà ńkọ́?” Ó ní, “Á tẹ̀ sókè.” “Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ńkọ́?” Ó wo ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. “Á tẹ̀ sílẹ̀.” Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wa ti 8.0 × 10⁶ á yí òbírí tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ bíi mítà 1.4 nínú pápá ayé nìkan. Bí ó bá rin ogún sẹ̀ǹtímítà péré, á ti yà kúrò lójú ọ̀nà ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan àtààbọ̀. Ẹni tó ń wọn òbírí ní yàrá ìwádìí ní láti ka èyí sí, nítorí ó tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún pápá tí wáyà rẹ̀ ń pèsè.

Nígbà tó lọ tán, mo jókòó, mo tún na ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí tẹlifíṣọ̀n ilé wa. Òòfà sípíkà yẹn ò ní àmì kankan lára, a ò mọ ojú wo ni òpó àríwá rẹ̀. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń bọ̀ láti ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n wá sọ́dọ̀ èmi tí mò ń wò ó, nítorí náà mo yí àtàǹpàkò sí àyà ara mi. Àwòrán sún sókè, ẹ̀yìn ọwọ́ ni ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, nítorí náà àtẹ́lẹwọ́ gbọ́dọ̀ dojú kọ ilẹ̀. Ìka mẹ́rin mi bọ́ sí òsì. Pápá ń ti ọ̀tún lọ sí òsì nìyẹn, ó ń jáde láti ara òòfà wọ inú tẹlifíṣọ̀n. Òpó àríwá ni ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ dojú rẹ̀ kọ gíláàsì lọ́jọ́ náà.